Tí Owó Fóònù Bá Gòkè, Kí Ni Yóò Ṣẹlẹ̀ sí Dátà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Òǹfà Àárín Ọjà Méjì

Àwọn tó ń ta fóònù àti àwọn tó ń ta dátà sábà máa ń jókòó sí ojú kan náà, nígbà mìíràn sábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ ọjà méjèèjì sínú ìwé kan náà. Nítorí èyí, wọn kì í tètè rí i bí owó ọ̀kan ṣe ń ti títà èkejì síwájú tàbí sẹ́yìn. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí a ṣe ń wọn ìtì yẹn, àti lórí ohun tó lè mú kí ẹni tó wọ̀n ọ́n ṣì í wọ̀n.

Kí ni òǹfà àárín ọjà méjì?

Ó jẹ́ nọ́ńbà kan tó ń sọ bí iye tí àwọn ènìyàn ń rà nínú ọjà kan ṣe yí padà nígbà tí owó ọjà mìíràn yí padà. Ní ilé ìwé, ẹlasítísítì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n èmi yóò máa pè é ní òǹfà, nítorí pé fífà ni ó ń ṣe: owó ọjà kan ń fa àwọn oníbàárà wá sídìí ọjà kejì, tàbí kí ó fà wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọjà méjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí owó dátà bá gòkè tí àwọn ènìyàn sì dín dátà tí wọ́n ń rà kù, ọ̀rọ̀ ọjà kan àti owó ara rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí a ń sọ níbí. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá fi owó kún dátà rẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì kò fi kọ́bọ̀ kan kún tirẹ̀, tí àwọn oníbàárà wá ń ra ti ìkejì ju bí wọ́n ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀ lọ, a ti dé ìdí ọ̀rọ̀ wa. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé:

```
E = (% ìyípadà nínú iye ọjà A tí a rà) ÷ (% ìyípadà nínú owó ọjà B)
```

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni a ń lò lókè àti nísàlẹ̀, nítorí pé a kò lè fi náírà wé gíìgì, a kò sì lè fi fóònù kan tó jẹ́ ₦100,000 wé dátà tó jẹ́ ₦500. Nígbà tí a bá ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, a lè fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Báwo ni nọ́ńbà náà ṣe ń sọ irú ìbátan tó wà láàárín ọjà méjèèjì?

Àmì iwájú rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ wò. Bí kò bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, ó túmọ̀ sí pé nígbà tí owó ọjà kejì gòkè, títà ọjà àkọ́kọ́ náà gòkè. Arọ́pò ni àwọn méjèèjì: ẹni tí kò rí èyí rà yóò ra ìyẹn. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú rẹ̀, owó ọ̀kan gòkè, títà èkejì sì lọ sílẹ̀. Alábàárìn ni wọ́n: àjọlò ni wọ́n ń lò wọ́n, ẹni tí apá rẹ̀ kò bá sì ká ọ̀kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò èkejì. Bí nọ́ńbà náà bá sún mọ́ òdo, àwọn ọjà méjèèjì kò mọ ara wọn rí.

Lẹ́yìn àmì ni ẹ óò tó wo bí nọ́ńbà náà ṣe tóbi tó. Arọ́pò tí òǹfà rẹ̀ jẹ́ 0.1 àti èyí tí òǹfà rẹ̀ jẹ́ 2 kì í ṣe ẹgbẹ́. Ti àkọ́kọ́, bí owó ẹnìkejì rẹ̀ tilẹ̀ gòkè pẹ̀lú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 1 péré ni títà tirẹ̀ yóò fi gòkè. Ti ìkejì yóò fi ìdá 20 gòkè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìṣirò kan tán pátápátá kí a lè rí i.

Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo kọ wọ́n fún àpẹẹrẹ, kí ìṣirò náà lè rọrùn. Ẹ jẹ́ kí a rò pé arábìnrin kan ń ta dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì nínú kíóòsì rẹ̀. ₦500 ni ó ń ta gíìgì kan nínú méjèèjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kìíní gbé tirẹ̀ dé ₦600, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì kò yí tirẹ̀ padà. Ní oṣù tó ṣáájú, 200 ni ó tà nínú ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó ta 230.

Owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kìíní fi ₦100 gòkè lórí ₦500, ìyẹn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Títà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì fi 30 gòkè lórí 200, ìyẹn ìdá 15. Bí a bá pín 15 sí ọ̀nà 20, 0.75 ni yóò jáde. Kò sí àmì ìyọkúrò, nítorí náà arọ́pò ni wọ́n.

Ìdẹkùn kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kìíní bá tún dá owó rẹ̀ padà sí ₦500 lóṣù kẹta, tí títà ti ìkejì sì padà sí 200, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lódìkejì, síbẹ̀ ìṣirò náà kò ní fún wa ní 0.75 mọ́. ₦100 lórí ₦600 jẹ́ ìdá 16.7, 30 lórí 230 sì jẹ́ ìdá 13, nítorí náà 0.78 ni yóò jáde. Ìdí ni pé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kíkà yàtọ̀. Láti yanjú èyí, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé máa ń lo àárín gbùngbùn dípò ìbẹ̀rẹ̀:

```
% ìyípadà = (tuntun − àtijọ́) ÷ ((tuntun + àtijọ́) ÷ 2) × 100
```

Àárín 200 àti 230 ni 215, àárín ₦500 àti ₦600 sì ni ₦550. Ọgbọ̀n lórí 215 jẹ́ ìdá 13.95, ọgọ́rùn-ún lórí 550 jẹ́ ìdá 18.18, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 0.77, yálà a ń lọ sókè ni tàbí a ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ìyípadà owó bá kéré, ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà méjèèjì kò tó nǹkan. Bí ó bá tóbi, ó lè ṣini lọ́nà gan-an.

Dátà kan kò kúkú dùn ju dátà kejì lọ. Kí ló dé tí òǹfà náà kò fi tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìbéèrè yìí dára, nítorí pé nínú ìwé, ọjà méjì tó jọra pátápátá yẹ kí wọ́n máa fa ara wọn gidigidi. Ohun tí oníbàárà ń rà kì í ṣe gíìgì nìkan ṣá. Ó ń ra gíìgì tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀, lórí síìmù tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, lórí nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yàrá náà. Ní abúlé tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo bá ti ń dé, òǹfà àárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì kò ju òdo lọ, bí owó tilẹ̀ gòkè ní ìlọ́po méjì. Arọ́pò tí kò dé ọ̀dọ̀ mi kì í ṣe arọ́pò fún mi. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ bá wọ̀n ní Ìkẹjà kò wúlò fún ẹni tó ń tà ní oko lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, àní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ síìmù. Ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò ní Nàìjíríà, àwọn Tecno, Itel àti Infinix tí ilé iṣẹ́ Transsion ń ṣe, ní ojú ihò síìmù méjì. Ẹni tí síìmù méjì ti wà nínú fóònù rẹ̀ kò ní ìnáwó kankan nígbà tí ó bá fẹ́ kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Yóò kàn yan èyí tí ó fẹ́ fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ètò fóònù náà ni. Ẹni tí síìmù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ní láti ra òmíràn, kí ó fi NIN rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tàbí kí ó gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, èyí tí òfin ti gbà láyè ní Nàìjíríà láti oṣù kẹrin ọdún 2013. Ihò síìmù kejì yìí ti mú òǹfà àárín àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbára ju bí àǹfààní gbígbé nọ́ńbà kiri ṣe mú un lágbára lọ, lójú tèmi.

Síbẹ̀, síìmù méjì kan náà yìí lè sọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì di alábàárìn fún ẹnì kan. Ẹ ó rí ẹni tó ń fi ọ̀kan pe ènìyàn, tó ń fi èkejì wo fídíò, tí kò sì ní fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Àpapọ̀ gbogbo irú oníbàárà wọ̀nyí ni nọ́ńbà inú ìwé yín ń sọ, kì í ṣe ìwà ẹnì kan.

Fóònù àti dátà ńkọ́? Ṣé alábàárìn ni wọ́n lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù, nítorí pé ẹ lè wo ìwé títà yín kí ẹ má rí ìbátan náà rárá, kí ẹ sì sọ pé kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a tún lo iye àpẹẹrẹ. Fóònù àfọwọ́tẹ̀ kan tó jẹ́ ₦80,000 di ₦100,000, ìyẹn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó àtijọ́. Owó dátà kò yí padà. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta dátà oṣooṣù 300 tẹ́lẹ̀ ta 297 lóṣù tó tẹ̀lé e. Ìdá 1 ló fi lọ sílẹ̀, òǹfà náà sì jẹ́ −0.04. Ta ni yóò rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé fóònù kò kan dátà?

Ìdí tí ó fi kéré ni pé ọjà tó ń pẹ́ lọ́wọ́ ni fóònù. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń ra dátà lọ́wọ́ yín lóṣù yìí, bóyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló fẹ́ ra fóònù tuntun lóṣù yìí kan náà. Àwọn yòókù ti ní fóònù lọ́wọ́, owó fóònù tuntun kò sì kàn wọ́n lónìí. Bí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn bá tilẹ̀ fà sẹ́yìn pátá, ìwọ̀nba ni ohun tí yóò dín kù nínú dátà. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, fóònù àtijọ́ ń bàjẹ́, bátìrì rẹ̀ ń kú, ojú rẹ̀ ń fọ́, àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n ti ní tiwọn kò rí i rà, àwọn kan sì padà sídìí fóònù oníbọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní fóònù tọ́ọ̀ṣì. Bí ṣọ́ọ̀bù kan náà bá wo ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, tí ó rí i pé 279 ni ó ń tà dípò 300, ìdá 7 ni ó ti lọ, òǹfà náà sì ti di −0.28. Ọjà méjì kan náà ni, ìyípadà owó kan náà ni. Àkókò tí a fi wò ó ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ òǹfà àárín fóònù àti dátà fún yín láì sọ bí àkókò náà ṣe gùn tó kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun kejì tún wà tó ń bo ìbátan yìí mọ́lẹ̀, òun sì ni fóònù tòkunbọ̀. Nígbà tí fóònù tuntun bá gbówó lórí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ́ rà á ló máa ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pọ̀ máa ń yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, àwọn mìíràn á gbé èyí tó bàjẹ́ lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe kí wọ́n bá wọn pààrọ̀ ojú rẹ̀. Fóònù tòkunbọ̀ jẹ́ arọ́pò fún fóònù tuntun, òun náà sì ń jẹ dátà bí i ti tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni arọ́pò ọjà kan ṣe ń gba alábàárìn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owó fóònù tuntun yóò ṣe pa dátà lára tó, ẹ kọ́kọ́ wo bí tòkunbọ̀ ṣe pọ̀ tó ní àdúgbò yín àti bóyá owó tirẹ̀ náà ń gòkè.

Ṣé bí owó fóònù ṣe ń fa dátà ni owó dátà ṣe ń fa fóònù?

Rárá, ó sì yẹ kí a ṣírò ọ̀nà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò pé dátà oṣooṣù kan gòkè láti ₦2,000 sí ₦3,000, tí fóònù tí ṣọ́ọ̀bù náà ń tà lóṣù sì dín kù láti 40 sí 36. Ìdá 50 ni owó fi gòkè, ìdá 10 ni títà fi lọ sílẹ̀, òǹfà náà jẹ́ −0.2 lóṣù àkọ́kọ́ pàá. Ẹ fi èyí wé −0.04 tí a rí lókè.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni pé gbogbo ẹni tó fẹ́ ra fóònù lóṣù yẹn ni owó dátà kàn, láì yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ẹni tó ń ronú dáadáa kì í ka owó fóònù nìkan. Ó ń ka ohun tí yóò máa jẹ. ₦3,000 lóṣù fún ọdún méjì jẹ́ ₦72,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó fóònù ₦80,000 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè. Ẹni tí kò tilẹ̀ jókòó ṣírò rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ṣé ìbátan àárín ọjà méjì lè yí padà láti alábàárìn sí arọ́pò?

Ó lè yí padà, owó ìpè àti dátà sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, kò sí ohun tí à ń pè ní dátà lẹ́nu ènìyàn lásán; ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ni fóònù wà fún. Nígbà tí dátà kọ́kọ́ wọ̀lú, inú owó ìpè ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́, kò sì sí ẹni tó rò pé ọ̀kan yóò lé èkejì jáde. Lẹ́yìn tí Wásáàpù gbòde, tí ó sì di pé ènìyàn lè fi í pe ẹbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n láì san owó ìpè òkè òkun, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán àti ìpè òkè òkun ní arọ́pò tó le. Lónìí, bí owó ìṣẹ́jú kan bá gòkè tí dátà kò sì gòkè, ẹ retí kí títà dátà pọ̀ sí i. Àmọ́ èyí kò kan bàbá tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì.

Ní ọdún 2025 tí owó dátà gòkè, títà mi yí padà gan-an. Ṣé mo lè fi ìyẹn ṣírò òǹfà àárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì?

Ẹ kò lè fi ṣírò rẹ̀, àṣìṣe tí mo sì ń rí jù lọ nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kí ó má ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, lẹ́yìn tí àjọ náà sọ pé iye náà ti wà lójú kan láti ọdún 2013. Gbogbo wọn ni wọ́n gbà láyè, láàárín àkókò kan náà. Owó A gòkè, owó B náà gòkè. Bí títà B bá wá dín kù, ṣé owó B fúnra rẹ̀ ló lé àwọn ènìyàn ni, àbí ti A? Bí ó bá wà lójú kan, ó lè jẹ́ pé òǹfà méjì tó ń fà lódìkejì ara wọn ló bá ara wọn dọ́gba. Ìwé yín kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, bó ti wù kí ẹ kọ ọ́ dáadáa tó.

Ohun tí òǹfà náà ń béèrè ni pé kí owó ọjà kejì nìkan ṣoṣo yí padà. Àkókò tó dára láti wọ̀n ọ́n ni ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo bá ṣe ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí àwọn yòókù kò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ máa ń kọjá lọ kíákíá, nítorí náà ẹni tí kò bá kọ títà rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní rí i mú.

Ọdún 2023 sí 2024 ńkọ́, nígbà tí fóònù gbówó lórí tí owó dátà sì wà lójú kan?

Ní ojú, àkókò yẹn dà bí èyí tí a ń wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba jáwọ́ lára mímú iye náírà dúró sójú kan, náírà sì já wálẹ̀ gidigidi sí dọ́là. Òkè òkun ni fóònù tuntun ti ń wá, tàbí kí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ wá láti ibẹ̀, nítorí náà owó rẹ̀ tẹ̀lé dọ́là lọ sókè. Iye tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà kò sì tíì yí padà nígbà náà. Owó fóònù gòkè, ti dátà dúró: ṣé kì í ṣe ohun tí a fẹ́ nìyẹn?

Kò dá ṣáká, nítorí pé owó epo bẹntiróòlù àti oúnjẹ náà gòkè láàárín àkókò kan náà. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti ra oúnjẹ tí ó sì san owó ọkọ̀, ohun tó kù sí i lọ́wọ́ ti dín kù. Bí ó bá wá dín dátà kù, àìlówó lọ́wọ́ lè jẹ́ ìdí rẹ̀ dípò owó fóònù. Ọ̀nà kan tí ẹ fi lè fura ni kí ẹ wo àwọn oníbàárà tí fóònù wọn ṣì dára tí wọn kò sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Bí dátà tí àwọn wọ̀nyí ń rà bá dín kù bí i ti àwọn yòókù, kì í ṣe fóònù ló fà á. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn tí fóònù wọn bàjẹ́ nìkan ló dín kù, ẹ̀sùn náà lè wà lọ́rùn fóònù.

Àwọn nǹkan mìíràn wo ló lè tan wá jẹ?

Ohunkóhun tó bá yí títà padà láì jẹ́ owó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mélòó kan já nísàlẹ̀ òkun ní agbègbè Àbíjáànì, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá yà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kò sá fún owó, àìṣiṣẹ́ ló lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn síìmù tí wọ́n dí nítorí pé ẹni tó ni wọ́n kò so wọ́n mọ́ NIN: títà dín kù, owó kò sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Èmi náà ti ṣubú sí i rí. Mo fi oṣù Kejìlá wé oṣù Kìíní nínú ìwé ojúlùmọ̀ mi kan tó ń ta dátà, mo sì rí òǹfà kan tó ya mí lẹ́nu. Ó gba ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rántí pé àwọn ará Èkó tó wá ṣe ọdún ti padà sí Èkó.

Ṣé àwọn ilé ẹjọ́ àti àwọn tó ń ṣọ́ ìdíje ọjà máa ń lo nọ́ńbà yìí?

Wọ́n ń lò ó láti mọ ibi tí ọjà kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí ni ti Du Pont, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá lọ́dún 1956. Ìjọba sọ pé ilé iṣẹ́ náà ló dá ọjà sẹ́lófáànù, ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń wé ọjà, jẹ. Ilé ẹjọ́ wo bí àwọn oníbàárà ṣe ń yà láti orí sẹ́lófáànù sí àwọn ohun mìíràn tí wọ́n fi ń wé ọjà bí owó bá yí padà, ó sì gbà pé ọjà kan náà ni gbogbo wọn, nítorí náà ilé iṣẹ́ náà kò dá ọjà jẹ.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ta ko ìdájọ́ yẹn, àtakò wọn sì kan dátà gan-an. Ẹni tó dá ọjà jẹ yóò máa gbé owó rẹ̀ sókè títí yóò fi dé ibi tí àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sídìí ohunkóhun tí wọ́n bá rí. Ní ibi gíga yẹn, ohun tí kì í ṣe arọ́pò tòótọ́ yóò dà bí arọ́pò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó wà ní ìlú kan bá gbé owó sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rìn ibùsọ̀ méjì lọ sí ibi tí wọ́n ti lè lo Wáì-Fáì, òǹfà àárín dátà rẹ̀ àti Wáì-Fáì yẹn lè ga lóòótọ́. Ìyẹn kò sọ pé ìdíje wà nílùú náà. Ó ń sọ pé owó ti ga jù.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Báwo ni mo ṣe lè wọn tèmi?

Ìwé kan tó. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye gíìgì tí ẹ tà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, iye fóònù tuntun àti iye tòkunbọ̀, àti owó tí ẹ ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà: iná tí kò sí, òpó tó dákú, ilé ìwé tó wọlé, ọjọ́ owó oṣù. Nígbà tí owó ọjà kan ṣoṣo bá yí padà, ẹ mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, kí ọjọ́ owó oṣù lè wà nínú méjèèjì. Ẹ yọ àwọn ọjọ́ tí ohun àrà ọ̀tọ̀ ṣẹlẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ṣírò ìpíndọ́gba ọjọ́ kan nínú àwọn tó kù, nítorí pé iye ọjọ́ tí ẹ yọ lápá kìíní lè má dọ́gba pẹ̀lú ti apá kejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò tó lo ìṣirò àárín gbùngbùn tí mo kọ sókè.

Bí títà yín lójúmọ́ bá kéré, bí i fóònù kan tàbí méjì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èsì rẹ̀ púpọ̀: oníbàárà kan ṣoṣo tó rìnrìn àjò lè yí àmì rẹ̀ padà láti arọ́pò sí alábàárìn. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ bá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lójú ọ̀nà kan náà sọ̀rọ̀, kí ẹ da ìwé yín pọ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú rẹ̀: oníbàárà tó kúrò lọ́dọ̀ yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì láti ra dátà kan náà kò tíì kúrò lórí dátà, ìwé tí ẹ dà pọ̀ nìkan ló sì lè fi í hàn yín.